Àmì Orí Ọkọ̀-Kọ̀

Àǹtí Àmì ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, kò sì bínú sí i. Ilé iṣẹ́ tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó orúkọ gbogbo òpópónà, àdúgbò àti ọjà jọ sínú ìwé kan, kí ẹni tó bá gbọ́ orúkọ ibì kan lè ṣí ìwé náà, kó mọ ibi tó wà, bí wọ́n ṣe ń pè é, àti ohun tó bí i. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé orúkọ wá fún un láìfi àmì ohùn sí i, á dá a padà. Á ní, "Ẹ lọ gbé fìlà rẹ̀ wá kẹ́ ẹ tó mú un wọlé."

Ìlú náà ń dàgbà bí ọmọ tí aṣọ kì í pẹ́ kéré mọ́ lára. Ibi tó jẹ́ igbó lánàá, ilé ti kún un lónìí, kò sì sẹ́ni tó dúró de ìjọba kó tó sọ ọ́ lórúkọ. Katakata kan bà jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọn ò tètè rí i wọ́ kúrò, làwọn èrò ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ẹ já mi sílẹ̀ ní Ìdí-Katakata." Wọ́n wá wọ́ katakata lọ, orúkọ jókòó. Ọjà kan náà wà tí àárín ìsọ̀ rẹ̀ há débi pé igbe "má tẹ̀ mí" làwọn tó ń tajà ń ké látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọjà Má-Tẹ̀-Mí ló ń jẹ́ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọjà Ìtẹ̀síwájú ni ìjọba kọ sí pátákó ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Àmì kọ méjèèjì: èyí tó wà lẹ́nu èèyàn ló ṣíwájú, ti pátákó tẹ̀ lé e.

Orúkọ tó wá dá a dúró ni èyí tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ sára pátákó ibùdókọ̀ kan ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ìlú: OKO KO. Ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó kàn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ báwo, sà?" ni Àǹtí Àmì bi í. "Ọkọ ni, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ́? Ó kọ̀ ni, àbí ó kọ́? Ẹ ò ní fẹ́ kí n fi ọkọ obìnrin kan ṣe ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Lọ, ṣùgbọ́n má sùn síbẹ̀ o."

Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kò pe orúkọ náà jáde lẹ́nu. Ọgbọ́n àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: bí o bá kọ́kọ́ pe orúkọ fún èèyàn, bó o ṣe pè é lòun náà á ṣe pè é. Ó tọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń pe ibí?"

"Ọkọ-Kọ̀ ni, mà. Ìyá aránṣọ tó wà lọ́hùn-ún yẹn ni ọkọ rẹ̀ kọ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ rèé."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Àh, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, mà."

"Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo dé àdúgbò yìí?"

"Èṣí."

Àǹtí Àmì dúpẹ́, ó kọ ohun tó gbọ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

Alága àwọn onílé, bàbá gíga kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, ò tiẹ̀ dúró kí ó bi òun. Ó ti gbọ́ pé èèyàn ìjọba kan ń bèèrè ọ̀rọ̀. "Ọkọ́-Kọ́!" ló fi kí i. "Bàbá mi ló kọ́kọ́ dáko síbí. Bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, á gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ sára igi. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, káwọn tó ń bá wa du ilẹ̀ lè rí i kà."

"Bàbá, ìwé orúkọ kì í ṣe ìwé ilẹ̀ o. Kóòtù ni wọ́n ti ń yanjú ìyẹn."

"Mo mọ̀. Ṣáà kọ ọ́."

"Mo ti kọ ọ́ pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀, sà."

Bàbá wò ó títí. "Ṣé ìyẹn yàtọ̀ sí pé ó rí bẹ́ẹ̀?"

"Ó yàtọ̀ díẹ̀, sà."

Nígbà tó dé ìsọ̀ ìyá aránṣọ, ìyẹn ò gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ. "Tó bá jẹ́ ti ọkọ mi lẹ bá wá, ẹ tò sẹ́yìn. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni."

"Rárá, mà. Mo fẹ́ bi yín ohun tẹ́ ẹ ń pe ibí ni."

Ẹsẹ̀ ìyá dúró lórí ẹ̀rọ. "Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí. Àwọn yòókù, ńṣe ni wọ́n máa ń wá sọ fún mi." Ó fa àpótí kan fún un láti jókòó. "Ọkọ̀-Kọ̀ ni. Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Ọjọ́ tí èmi àti ọkọ mi kó ẹrù wá, ibi tí ọ̀dà pin sí yìí ni dẹ́rẹ́bà já wa sí, ó ní ọkọ̀ òun ò ní wọnú ẹrẹ̀ yẹn láéláé. Wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ kí n tó dé. Ọkọ mi ò tíì ronú àtilọ nígbà yẹn. Ìgbà tó wá lọ lóòótọ́, tí wọ́n sì kọ pátákó láìfi nǹkan kan sórí rẹ̀, àwọn àlejò kà á bó ṣe wù wọ́n, wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, èmi ni wọ́n rí. Oníbàárà á sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ojú mi ló máa kọ́kọ́ wò kó tó wo aṣọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àǹtí Àmì lára. Ọwọ́ ń yún un láti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó sì fà á nílà, àmọ́ ó kó ara rẹ̀ níjàánu. "Mo gbà yín gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹnì kan ò tó, pàápàá ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn gbọ̀ngbọ̀n."

"Ẹ wá òmíì lọ," ni ìyá wí, ó tún gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ. "Mi ò sá lọ síbì kan."

Àǹtí Àmì bá rìn wọ inú àdúgbò. Òpópónà tó tẹ̀ lé ibùdókọ̀, Bọ́-Bàtà ni wọ́n ní ó ń jẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, Ká-Ṣòkòtò. Ọ̀dà dídán ló wà lórí méjèèjì báyìí, gọ́tà sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ó bi ẹni tó bá pàdé ní ìdí orúkọ wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: ẹrẹ̀ ni. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ á bọ́ bàtà; bó bá rìn síwájú díẹ̀ sí i, á ká ṣòkòtò. Àǹtí Àmì dá rẹ́rìn-ín láàárín títì. Ẹrẹ̀ ti lọ tipẹ́, ó fi orúkọ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹsẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tútù.

Ó gba gáréèjì lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi bàbá kan hàn án, tó ti fẹ̀yìn tì nínú ọkọ̀ wíwà, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ò gbà kó jókòó sílé. Bó ṣe bi í ní orúkọ àwọn ibùdókọ̀ ojú ọ̀nà yẹn, bàbá kà wọ́n tẹ̀ léra wọn bí ẹni ń kí ẹbí. Nígbà tó dé Ọkọ̀-Kọ̀, ó na àyà.

"Èmi gan-an wà lára àwọn tó kọ̀! Ta ni yóò ki ọkọ̀ rẹ̀ bọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Èrò á máa bẹ̀ wá, á máa bú wa. Kọ̀ndọ́ mi á ní, 'Ọkọ̀ kọ̀ o, ẹ sọ̀!' Nígbà tó yá, kí wọ́n tó wọkọ̀ rárá ni wọ́n á ti máa sọ pé Ọkọ̀-Kọ̀ làwọn ń lọ."

Ó ku ohun kan. Ìtàn orúkọ lọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é lónìí lọ́tọ̀, ti òní ni ìwé sì ń fi ṣáájú. Nítorí náà, Àǹtí Àmì padà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀, ó dẹtí. Àwọn kọ̀ndọ́ tó kọ́ ọ̀nà lọ́dọ̀ dẹ́rẹ́bà, ọkọ̀ ni wọ́n ń pè. Àwọn tó kà á lára pátákó tàbí tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu fóònù tó ń júwe ọ̀nà, ọkọ ni tiwọn. Ti ọkọ̀ ṣì pọ̀ jù dáadáa, ṣùgbọ́n ti ọkọ ń yọ́ dàgbà. Ti ọkọ́, kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan tí kì í ṣe ará ilé Alága.

Kí ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó tẹ orúkọ kan, wọ́n máa ń kà á sétí àwọn ará àdúgbò. Nínú kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n péjọ sí, àgbà ọkùnrin àti obìnrin ká orúnkún mọ́ àyà lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé. Àǹtí Àmì ka ohun tó kọ.

Alága dìde. "Ta lẹ bi? Dẹ́rẹ́bà?"

"Dẹ́rẹ́bà wà níbẹ̀, sà. Àwọn ló kúkú ń sọ ibùdókọ̀ lórúkọ. Mo bi ẹ̀yin náà, ọ̀rọ̀ yín sì wà nínú rẹ̀."

Ìyá onílé kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ jẹ́ ká pa gbogbo ẹ̀ tì! Ẹ sọ ọ́ ní Ìrètí-Ayọ̀, ká bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú." Ọ̀pọ̀ èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ìyá aránṣọ dìde ní ìlà àárín.

"Ìtìjú ta ni?" ló bèèrè. "Ọkọ mi kọ̀ mí lóòótọ́, mi ò sẹ́. Mo tọ́ ọmọ mẹ́ta, mo kọ́lé, aṣọ tó wà lọ́rùn ìdajì yín níbí, èmi ni mo rán an. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ló ni orúkọ yìí. Ẹ má gba iṣẹ́ ẹrẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e fún ọkọ mi. Kò tó bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín bú gbàù. Alága gbìyànjú láti fajú ro, kò ṣeé ṣe. Òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó. Nígbà tí wọ́n dìbò, ẹni tó nawọ́ fún Ìrètí-Ayọ̀ ò tó nǹkan.

Ìyá aránṣọ dúró de Àǹtí Àmì lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ máa pa Ọkọ-Kọ̀ rẹ́ pátápátá, àbí?"

"Mi ò lè pa á rẹ́, mà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà débí. Á wà ní àyè tirẹ̀, á kàn ní: wo Ọkọ̀-Kọ̀."

Ìyá rò ó wò. "Ìyẹn ni pé ẹni tó bá wá ọkọ, ọkọ̀ ló máa bá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ wúlò jù ú lọ."

Ìwé jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ibùdókọ̀ ni Ọkọ̀-Kọ̀, àti àdúgbò tó yí i ká. Pé ọkọ̀ ń kọ̀ láti kọjá ibẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ṣì jẹ́ ẹrẹ̀. Pé àwọn kan ń pè é ní Ọkọ-Kọ̀ láti ara pátákó tí kò lámì. Àti pé ẹbí onílé kan sọ pé Ọkọ́-Kọ́ ni. Inú ìwé náà ni àwọn tó ń ṣe pátákó tuntun fún ìlú ti ń wo orúkọ báyìí, àmì ohùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀ gbagbaagba.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, Alága yọ sí ọ́fíìsì. Kò gba ìjókòó.

"Ọmọ mi, o gbọ́dọ̀ gbà mí. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n là gba ẹ̀yìn ilé mi, tí mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ọkọ̀ sí, ṣé o mọ ohun táwọn ọlọ́kadà ń pè é? Bàbá-Ń-Bínú! Lánàá, àlejò mi dé, ó ní ilé mi ò ṣòro láti rí rárá, ẹ̀yìn Bàbá-Ń-Bínú ni wọ́n júwe fún òun."

Àǹtí Àmì fa àga fún un, ó bu omi fún un, ó sì ṣí bírò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ta lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"