Ta Ló Ń Ṣí Géètì Yìí?

Ẹnu mi ló kó bá bàbá ọlọ́dẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Màmá onílé sọ fún mi pé géètì òun, èyí tí mo fi mọ́tò sí kó lè máa yí lórí irin, ń ṣí láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo fi ìkánjú dáhùn pé, "Màmá, mọ́tò kì í dá ṣí géètì. Ẹ bi ọlọ́dẹ yín."

Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí, bàbá ti di ẹrù. Wọ́n ní òun ló ń ṣí géètì fáwọn olè, kó lọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Inú bí mi sí ara mi. Mo pinnu pé n kò ní kúrò nídìí mọ́tò yẹn láìrí òkodoro.

Mo tẹ rìmóòtù. Géètì rìn dé àárín, ó dúró, mọ́tò ń kùn. Mo tì í, ó tún ń lọ. Kapasítọ̀ nìyẹn, tó ń fún mọ́tò lágbára. Mo pa iná, mo tú u, mo wọ̀n ọ́n: ìwọ̀n méjìlá ni wọ́n kọ sára rẹ̀, àmọ́ kò ju mẹ́fà lọ mọ́. Mo fi tuntun sí i, géètì sì rìn dópin.

"Ó ti parí?" Màmá onílé bi mí.

"Rárá o, Màmá. Kapasítọ̀ lè dá géètì dúró lọ́nà, kò lè ṣí i."

Mo wo súwíìṣì òpin, tó ń sọ fún mọ́tò pé géètì ti dé ibi ìdúró rẹ̀. Bí irin tó ń tẹ̀ ẹ́ bá yẹ̀, géètì á forí sọ òpó, mọ́tò á rò pé nǹkan dí òun lọ́nà, á sì dá géètì padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n irin náà dúró gbọn-in.

Mo yọ ike inú mọ́tò tó ń gba àṣẹ rìmóòtù. Odidi wákàtí kan, géètì ò mira. Mo dá ike padà, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí géètì ṣí gbayawu lójú gbogbo wa. Bàbá jókòó sórí àpò rẹ̀.

Rìmóòtù ni, ṣùgbọ́n ti ta ni? Nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo pe ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù wa, tó wà ní òdìkejì títì.

"Kí lo tẹ̀ báyìí?"

"Rìmóòtù tá a fi ń dánṣẹ́ wò ni. Mọ́tò oníbàárà kan ló wà níwájú mi."

"Tún un tẹ̀."

Géètì padé.

Mo ti fi rìmóòtù yẹn mọ géètì yìí lọ́jọ́ tí mo fi mọ́tò sí i, mo sì gbàgbé láti pa á rẹ́ nínú ike yẹn. Oṣù tó kọjá ni a kó ṣọ́ọ̀bù wá sí àdúgbò yìí. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ohun tí ìyàwó mi sọ. Mo lè pa á rẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kí n sì ní rìmóòtù aládùúgbò kan ni. Ojú tì mí pé mo tiẹ̀ rò ó.

"Màmá, èmi ni mo ń ṣí géètì yín. Bàbá ò mọwọ́ mẹsẹ̀." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún bàbá.

Màmá onílé ní kí bàbá tú ẹrù rẹ̀. Bàbá ò dìde.

"Mo ti sọ fáwọn ọmọ mi láàárọ̀ pé wọ́n pè mí lólè," ó ní. "Ìwọ ni kó o pè wọ́n."

Ó ka nọ́ńbà fún mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ló gbé e, ohùn rẹ̀ ṣì ń mì fún ẹkún. Mo ní, "Ẹ má bínú, èmi ni mo purọ́ mọ́ bàbá yín."