Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Abẹ Tí Kò Mí

Kíákíá ni a ń pe dókítà kékeré tó wà lábẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ sì yá lóòótọ́. Tó bá di ká kọ̀wé, ó tún máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì sáré wá pè mí sí wọ́ọ̀dù. Ìyá tí Kíákíá fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún lánàá ń jẹ̀rora. Ikùn rẹ̀ wú, ó le bíi pákó. Láti àárọ̀ tí wọ́n ti yọ rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde lára rẹ̀, kò tíì tọ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú o." Ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ọmọ tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò ní kú," mo dá a lóhùn.

Mo ṣí fáìlì. Kíákíá ti da gbogbo àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ àná pọ̀ láìmí: a ṣí ikùn, ojú àpá àtijọ́ lẹ̀ mọ́ àpò ìtọ̀, a gbé ọmọ jáde, a rán ilé ọmọ, àpò ìtọ̀ ya, a rán an ní ìpele méjì, a rán ikùn, ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀, ara aláìsàn le.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó rí i. Àpò ìtọ̀ ya! Ẹni tí tirẹ̀ bá ya, rọ́bà gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ibẹ̀ lè jinná. Nọ́ọ̀sì àárọ̀ rí "a rán, a rán", ó rò pé bí wọ́n ṣe ń pa ikùn dé ni, ó sì yọ rọ́bà bí a ṣe máa ń yọ ọ́. N ò rí ẹnu bá a wí.

A dá rọ́bà padà, a gba inú rẹ̀ fi oògùn tó ń hàn nínú àwòrán X-ray sínú àpò ìtọ̀, a sì ya àwòrán. Ó ń jò sínú ikùn. Kíá, a gbé e padà sí tíátà. Ojú rírán ti tú níbì kan. A fọ ikùn, a tún rán an, obìnrin náà sì yè.

Nígbà tí a jáde, mo na báírò sí Kíákíá. "Jókòó. Pín àkọsílẹ̀ ti òní sí mẹ́rin, kí àyè wà láàárín wọn: ohun tí a ṣe, ohun tí a rí, ìjàǹbá, bí a ṣe pa ikùn dé."

Ó kọ méjì àkọ́kọ́ wéréwéré. Ó dé orí ìjàǹbá, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Mà, ṣebí kò sí ìjàǹbá nínú ti òní?"

"Ti àná ńkọ́?"

"Ojú ló tì mí, mà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi í pamọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ yòókù."

Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. "Ojú tó tì ọ́ yẹn ló fẹ́ sọ ọmọ yẹn di aláìníyàá. Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́: Àpò ìtọ̀ ya lọ́wọ́ mi nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́, rírán rẹ̀ sì tú. Ẹ má yọ rọ́bà kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì mìíràn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi tó di rọ́bà mú nínú ara jáde kí wọ́n tó yọ ọ́. Ó ṣí fáìlì, ó dé orí ìjàǹbá, ó kà á. Ó ki abẹ́rẹ́ bọ àpò aṣọ rẹ̀, ó sì bá ìyá ọmọ tún aṣọ ìbora ṣe.