Ìlà Tí Alága Kò Kà

Kò sí ẹni tó fún Sàídátù, Ìyá Mìdé, ní àga. Ìlànà ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa ní Barking, nílùú London, nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀: ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn kì í jókòó títí ẹjọ́ yóò fi parí, ẹnikẹ́ni kì í sì í kí i. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló dúró sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìjọ Aládùúrà ní Thames View. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí a kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀, ilẹ̀ oṣù March sì tutù.

Adédèjì ní tirẹ̀ wà níwájú, lórí àga onítìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn. Ọdún kẹrin rèé tí òun àti Sàídátù kò ti kí ara wọn. Wúrà, àbúrò Sàídátù, ni ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Wúrà, Sàídátù dìde láàárín èrò, ó ní, “Àárọ̀ ni àyà ti ń ro àbúrò mi. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkùnrin yìí tó gbé e dé ọsibítù.” Láti ọjọ́ náà, bí Adédèjì bá wọ ilé ìtajà kan ní Ripple Road, ojú tí wọ́n fi ń wò ó kò dáa. Àwọn kan ń pè é ní ẹni tó pa ìyàwó ara rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò tilẹ̀ bìkítà bó bá gbọ́.

Ìdí tí Akínrẹ̀mí alága fi lọ pè é gan-an nìyẹn. Adédèjì ń ṣiṣẹ́ ìṣirò ní ọ́fíìsì kánsù, ó mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ìṣirò pọ̀ ní Barking. Ẹni tó mọ ìṣirò tí kò sì ní gbèjà Sàídátù ni Akínrẹ̀mí ń wá. Sàídátù ló ń bá ẹgbẹ́ ra ọjà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á dá pọ́n-ùn jọ, Sàídátù á ṣẹ́ ẹ sí náírà, á sanwó fún àwọn tó ń tajà nílé, wọ́n á sì fi kọ̀nténà kó ọjà náà wá sí wíahaòsì, ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́ ní River Road. Wọ́n ní ó ń jẹ lára owó náà. Bí ẹjọ́ yìí bá dá a lẹ́bi, iṣẹ́ náà bọ́ nìyẹn, kò sì ní ní ìpín nínú kọ̀nténà mọ́. Ilé ìtajà rẹ̀ tí kò bá sí ẹ̀gúsí àti gàrí níbẹ̀, kí ló kù bí kò ṣe kó ti ilẹ̀kùn? Àbúrò Akínrẹ̀mí sì ti ń wo iṣẹ́ náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja.

Akínrẹ̀mí gbé ìwé sókè. Ìwé ìròyìn ìṣirò ìjọba àpapọ̀ nílé ni, pẹ̀lú ewé kan láti báńkì àgbà tó so mọ́ ọn lẹ́yìn.

“Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́,” ó ní. “Ìjọba ló kọ ọ́. Inflation, December, 34.80. January, 24.48. Ìyẹn ni pé ọjà ti fi mẹ́wàá wálẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀gúsí tí Ìyá Mìdé rà fún wa ní January, ó wọ́n ju ti December lọ. Bọ̀ọ̀dá Déjì, ẹ bá wa là á yé ẹgbẹ́.”

Adédèjì dìde. Ó wu òun náà kí ọ̀rọ̀ rí bí alága ṣe sọ ọ́. Àmọ́ iṣẹ́ tó ti ń ṣe bọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ kò jẹ́ kó lè gbé èyí mì.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ,” ó ní, “bí ọmọ yín bá fi ínǹṣì mẹ́ta ga sí i lọ́dún tó kọjá, tó fi méjì ga sí i lọ́dún yìí, ṣé ó ti kúrú ni?”

“Rárá,” ni àwọn kan wí.

“Bí inflation náà ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta ọjà. Bí owó ọjà ṣe ń yára gòkè ni. 24 yẹn ń sọ pé agbọ̀n ọjà tí wọ́n rà ní ọgọ́rùn-ún náírà ní January ọdún tó kọjá ti di nǹkan bíi 124 ní January yìí. Ó ṣì ń gòkè. Eré rẹ̀ nìkan la lè sọ pé ó dín kù, kódà a ò lè sọ ìyẹn tán. Ọdún 2009 ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò tẹ́lẹ̀. Ní January yìí, wọ́n gbé e sí 2024, wọ́n sì tún ìwọ̀n ohun tó wà nínú agbọ̀n náà ṣe. Ẹ ò lè fi rúlà wọn ọmọ lánàá, kẹ́ ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n lónìí, kẹ́ ẹ wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Agbọ̀n yẹn náà kì í ṣe ẹ̀gúsí nìkan. Rẹ́ǹtì wà níbẹ̀, owó mọ́tò wà níbẹ̀.”

Lazarus, tó ń ta ẹja gbígbẹ, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “So 24 ò kéré sí 34 mọ́? Owó ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n san lórí yín, ṣé wọ́n ti dá a padà fún wọn?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ní eyín nínú. Magdalene akápò kò rẹ́rìn-ín rárá. “Kí lẹ retí? Àna rẹ̀ ni. Ẹbí ń gbèjà ẹbí ni.”

Nínú gbogbo èébú tí wọ́n ti bú Adédèjì láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, èyí ló dùn ún jù. Kí wọ́n ka òun mọ́ ẹbí obìnrin yìí! Ó bojú wo ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Sàídátù ń wo ògiri bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Akínrẹ̀mí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ṣí ewé ẹ̀yìn. “Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Pọ́n-ùn ńkọ́? Ìyá Mìdé ní 1,820 náírà lòun rí gbà lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Ìwé báńkì àgbà rèé. Bọ̀ọ̀dá Déjì, mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn. Ṣé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún January lé ní 1,900, àbí kò lé?”

Adédèjì ti ka ewé náà dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ní kíṣìnnì rẹ̀ ní Eastbury. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó tún mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Látọjọ́ Sátidé ló ti pinnu pé bí wọn kò bá bi òun, òun kò ní sọ.

“Ó lé,” ó ní.

Kò purọ́. Ohun tó wà lórí ìwé ló sọ.

Gbọ̀ngàn hó. Magdalene ní ọgọ́rin náírà lórí pọ́n-ùn kan, lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, ẹ wo ilé tó ń kọ́ nílé. Ẹnì kan ní kí Sàídátù gbé kọ́kọ́rọ́ wíahaòsì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òmíràn pè é ní olè, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, nínú ilé Olúwa. Adédèjì jókòó. Ohun tó ti ń retí láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ti dé, ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Sàídátù wá yí ojú kúrò lára ògiri, ó wo Adédèjì gangan. “Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lo máa dá ọ̀rọ̀ dúró sí,” ó ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe é. Àárọ̀ ni àyà ti ń ro Wúrà, òótọ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ọsibítù, òótọ́ ni. Ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé Wúrà fúnra rẹ̀ ló kọ̀ tí kò fẹ́ lọ, tí òun bẹ̀ ẹ́ títí, tó ń sọ pé kò sí nǹkan kan. Ìdajì òótọ́ ni Sàídátù fi pa òun láàyè. Ìdajì òótọ́ lòun náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi san án padà yìí. Ẹni tó bá gbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó ka ìlà kan tó pa ìkejì mọ́ ńkọ́?

Ó dìde lẹ́ẹ̀kejì. Inú bí i sí obìnrin náà, inú sì bí i sí ara rẹ̀.

“Ẹ dákẹ́. Mi ò tíì parí. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ti òkè tí alága kà, àròpín oṣù ni, ìyẹn average. Wọ́n ro iye pọ́n-ùn lójoojúmọ́ pọ̀, wọ́n pín in. Ti ìsàlẹ̀ ni iye tó jẹ́ nígbà tí oṣù parí. Ọjọ́ wo ni ẹgbẹ́ yìí máa ń fowó ránṣẹ́?”

Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn oṣù ni, nígbà tí kálukú bá ti rí owó ọjà kó jọ. Ẹlẹ́rìí méjì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

“Náírà lágbára sí i bí January ṣe ń parí lọ. Ìlà ìsàlẹ̀ kò tó 1,840. Iye àwọn báńkì láàárín ara wọn nìyẹn, ilé tó ń fowó ránṣẹ́ á sì yọ tiwọn. Ẹni tó rí 1,820 gbà lọ́jọ́ yẹn kò jí nǹkan kan. Ìdí tí ẹ̀gúsí fi wọ́n sí i náà nìyẹn: owó rẹ̀ gòkè nílé, pọ́n-ùn yín sì ra náírà tí kò tó ti tẹ́lẹ̀.” Ó kọjú sí Akínrẹ̀mí. “Alága, ta ni ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ yẹn?”

Magdalene wo ilẹ̀. Òun ni ọ̀kan. Ó rọra ní, “Èmi àti alága.”

Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n rà á, ṣùgbọ́n wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Wọ́n yí ìbínú wọn sí Akínrẹ̀mí, òun náà ń pariwo pé ẹ̀rọ ló tẹ ìwé, òun kọ́. Lazarus ń ráhùn pé ẹni tó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tó dákẹ́, kí la máa pe ìyẹn? Ìbéèrè tó dára ni. Olúkáyọ̀dé akọ̀wé gbé àga lọ fún Sàídátù, ó sì tún kí i, “Ẹ kú ìjókòó, Ìyá Mìdé.” Kò jókòó. Ó jáde síta.

Adédèjì bá a níbi tí wọ́n to bàtà sí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú tirẹ̀.

“Wọ́n ka ìlà kan, wọ́n fi ìkejì sílẹ̀,” ó ní láìgbójú sókè. “Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fún mi lójú sàréè. Wúrà ló kọ̀ tí kò lọ. Ẹ kò bi mí.”

Sàídátù ń fa bàtà rẹ̀ wọ̀. “Má rò pé mo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O jẹ́ kí wọ́n pè mí lólè kó o tó lanu.”

“Mi ò ní kẹ́ ẹ dúpẹ́.”

“Mi ò sì tọrọ àforíjì.” Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó dìde. “Mo mọ̀ pé ó kọ̀. Èmi ni Wúrà pè lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo ní kó má lọ jókòó ní ọsibítù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, pé àyà ríro lásán ni, kó mu omi gbígbóná kó sinmi.”

Ó so ìborùn rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ. Adédèjì ṣì wà níbẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì lọ́wọ́.