Bí O Bá Ti Gbọ́ Lyon

Ẹni tó bá mọ Síkírù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò ní Rood Woko, ọjà ńlá ìlú Wàgà ní ilẹ̀ àwọn Mossi, yóò mọ̀ pé kì í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣeré. Bí ọkọ̀ yóò bá gbéra ní ìyálẹ̀ta, òun á ti jókòó sórí ẹrù rẹ̀ kí àkùkọ tó kọ. Mariama ìyàwó rẹ̀, ọmọ àdúgbò Dapoya ní Wàgà níbẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí ọkọ òun bá máa re ọ̀run, yóò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ikú tó múra. Síkírù kì í bínú sí i. Rélùwéè ti já a sílẹ̀ rí ní Bobo nítorí àwo ìrẹsì kan ṣoṣo, ẹrù rẹ̀ sì dá nìkan lọ sí Abidjan. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Àsìkò tí ìjọba Faransé ṣì wà lórí àlééfà ni, rélùwéè kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó dé Wàgà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe mọ́tò ní ilẹ̀ Faransé ránṣẹ́ pé àwọn yóò kọ́ mẹkáníìkì kan láti Wàgà níṣẹ́, wọ́n sì mú Sùlàímọ́nù, àkọ́bí Síkírù. Inú bàbá dùn débi pé kò lè jẹun. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kinní kan sí i: àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n dá ni kó wà lẹ́nu géètì. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọmọ mìíràn tó ń retí ipò náà ló máa wọlé.

Ni Síkírù bá gba ọ̀dọ̀ Félix lọ, ọmọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó rélùwéè. Faransé ni bàbá Félix, Mossi ni ìyá rẹ̀, ó sì ti ṣe sójà ní Paris. Ó la ọ̀nà sílẹ̀ bí ẹni ń júwe ilé bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ọkọ̀ òkun láti Abidjan yóò sọ ọmọ yín kalẹ̀ ní Marseille lọ́jọ́ Fúráìdè. Kó wọ rélùwéè ọ̀sán Sátidé, kó sọ̀kalẹ̀ ní Gare de Lyon. Ibẹ̀ ni yóò ti wọ mẹ́tírò, rélùwéè tó ń gba abẹ́ ilẹ̀. Mẹ́tírò kò le. Orúkọ ibi tí ọkọ̀ náà ń parí sí ni èèyàn ń tẹ̀lé lára ògiri. Kó tẹ̀lé Neuilly, kó sọ̀ ní Concorde. Kó wá tẹ̀lé Porte de la Chapelle, ó di Saint-Lazare. Níbẹ̀ ni rélùwéè Rouen wà. Ìdajì wákàtí ni gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Bó bá ṣe wéré, á bá rélùwéè tó kẹ́yìn lọ sí Rouen. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, á wọ bọ́ọ̀sì. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ń lọ sí ìlú tí ilé iṣẹ́ náà wà ní Sọ́ńdè."

Síkírù gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní: "Bí kò bá ṣe wéré ńkọ́?"

Félix rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yín kì í ṣe arọ, Bàbá."

"Àlejò ní ojú, kò fi í ríran. Ìdajì wákàtí tìrẹ ni, ìwọ tó mọ ibẹ̀. Ti ọmọ mi tó gbé àpótí lórí yóò tó wákàtí méjì. Èmi ò fẹ́ kó wọ rélùwéè kankan tí òmíràn kò ní tẹ̀lé lẹ́yìn. Rélùwéè wo ló kọ́kọ́ ń kúrò ní Marseille láàárọ̀ Sátidé?"

"Èyí tó ń lọ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ṣùgbọ́n yóò kàn jókòó sí Saint-Lazare lásán ni."

"Kó jókòó. Ìjókòó kò pààyàn."

Félix gbé ejìká sókè, ó ní d'accord, òun gbà.

Lọ́jọ́ ìrìn àjò, Síkírù mú ọmọ rẹ̀ dé ibùdó kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn rẹ̀ pàápàá. Sùlàímọ́nù gbọ́ Faransé ọjà dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ tipẹ́ nítorí mọ́tò. Bàbá rẹ̀ wá ń kọ́ ọ lọ́nà bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní kéwú: Neuilly, Concorde, Chapelle, Saint-Lazare. Nígbà tí rélùwéè fẹ́ ṣí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ojú fèrèsé.

"Sùlè, èyí tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Bí o bá ti gbọ́ Lyon, sọ̀kalẹ̀. Má béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Sọ̀kalẹ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọjọ́ Sátidé náà tó pé. Félix wá ra ṣéènì kẹ̀kẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mariama sì gbé omi fún un.

"Bàbá, ọmọ yín á ti kọjá Lyon báyìí," Félix wí. "Ó ku nǹkan bí ìdajì ọ̀nà kó dé Paris."

Síkírù gbé ṣéènì náà sílẹ̀. "Kí ló ń wá kọjá Lyon? Ṣebí ibẹ̀ ló ti máa sọ̀."

"Gare de Lyon ni mo wí. Paris ni Gare de Lyon wà. Lyon gan-an, ìlú mìíràn ni, ojú ọ̀nà ló wà. Kò sí mẹ́tírò níbẹ̀."

Gbogbo ibùdó tí Síkírù ti mọ̀ lójú irin yìí, orúkọ ìlú tó wà ló ń jẹ́: ti Bobo ní Bobo, ti Wàgà ní Wàgà. Ó jókòó lórí táyà. Ó rí Sùlè nínú ọkàn rẹ̀, tó gbé àpótí lórí ní ìlú onílùú, tó ń wá ihò tí wọn kò gbẹ́. Ẹnu bàbá rẹ̀ ló sì rán an síbẹ̀, tó tún ní kó má béèrè.

"Mo ti ba tọmọ mi jẹ́," ó wí.

Mariama wo ọkọ rẹ̀ títí. "Bàbá Sùlè, ìwọ kọ́ lo sọ fún mi pé ní Ògbómọ̀ṣọ́, gáréèjì tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Ìlọrin, gáréèjì Ìlọrin ló ń jẹ́? Ṣé Ìlọrin ló wà ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Síkírù ju èébú lọ, nítorí òótọ́ ni. Ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, kò kàn ronú pé àwọn òyìnbó pẹ̀lú lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Sọ́ńdè gùn bí ààwẹ̀. Síkírù kírun, ó jókòó, ó tún kírun. Ní Mọ́ńdè, ó kọ̀ láti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀ nígbà tí Félix dé agbo ilé lórí kẹ̀kẹ́, ó mú tẹligíráàmù lọ́wọ́. Síkírù ní kó kà á, ojú òun kò ríran. Félix kà á, ó sì túmọ̀ rẹ̀:

"Mo sọ̀ ní Lyon. Lyon kì í ṣe Paris. Tíkẹ́ẹ̀tì ṣì dára, rélùwéè tó tẹ̀lé e gbé mi. Mo bá ti Rouen. Mo bá bọ́ọ̀sì. Mo ti wọlé."

Síkírù ní Alihamudulilahi, ó sì sunkún níṣojú gbogbo wọn, kò tijú. Mariama ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń nu ojú. Félix ti jókòó sílẹ̀, ó ń ka wákàtí lórí ìka.

"Bàbá, ká ní rélùwéè ọ̀sán tèmi ló wọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú nígbà tó bá sọ̀ ní Lyon. Kò ní bá ọkọ̀ Rouen mọ́, bọ́ọ̀sì Sọ́ńdè á sì lọ láìgbé e. Àárọ̀ tí ẹ fi kún un yẹn ló gbà á."

"Ẹnu mi kan náà ló sọ ọ́ nù," Síkírù wí. Ó ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

Félix dìde, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi náà fẹ́ lọ kí àwọn ará bàbá mi. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi ṣètò àkókò rẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ ibùdókọ̀ sílẹ̀ fún èmi."