Ọ̀rọ̀ Tó Bọ́ Sórí Fọ́tò Ẹlòmíràn

Kò sí ohun tí Jemimah kórìíra tó ọ̀rọ̀ gígùn lórí fọ́tò ìgbéyàwó. Bí ojú bá ti rí i pé ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, kí lẹ tún ń kọ ọ́ síbẹ̀ fún? Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àrámọ̀kọ, ìlà kan ṣoṣo ló máa ń kọ sára fọ́tò kọ̀ọ̀kan tó bá tò sórí Instagram, èyí tí àwọn ènìyàn ń fi ìka tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà náà gbọ́dọ̀ kúrú, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ojú kò rí, ó sì gbọ́dọ̀ dà bí ẹni pé ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n, kò sì fi bò pé òun mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò ìgbéyàwó Ruth, tí wọ́n ṣe ní Erio, ló fẹ́ gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti kọ àwọn ìlà rẹ̀ sílẹ̀ ní títò, ó ku kó máa lẹ̀ wọ́n mọ́ fọ́tò. Ó tún wo fọ́tò kejì, ìyẹn ẹnu ọ̀nà ilé tí Ruth ti jáde lọ́jọ́ náà, ó rí i pé ó ṣókùnkùn, ó yọ ọ́ kúrò. Ló bá ń lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ fọ́tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tó parí, ìlà kan ṣẹ́kù. Ó ní ti fọ́tò tí òun yọ nìyẹn, ó pa á rẹ́ láì kà á. Ó gbé e jáde, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀, ó di Ìjerò, níbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ fún ìdána.

Ìgbà tó ṣíwọ́ níbẹ̀ ló tó yọ fóònù jáde. Ruth ti pè é títí ó ti sú u. Ẹkún ni Ruth ń sun nígbà tí Jemimah pè é padà.

"Jemimah, kí ni mo fi ṣe ọ́? Yọ̀mí tó ń gbé lọ́dọ̀ màmá àgbà ti ka gbogbo ẹ̀ fún wọn. Màmá ti yọ fọ́tò mi kúrò lára ògiri. Wọn ò gbé ìpè mi mọ́."

Jemimah ṣí Instagram. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà kò bá fọ́tò rẹ̀ lọ. Ó ti bọ́ sórí fọ́tò tó tẹ̀lé e, gbogbo ìlà yòókù sì ti sún síwájú báyìí. Lórí fọ́tò Màmá Elizabeth, ìyá tó bí ìyá Ruth, níbi tó ti ń wé gèlè fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Ó dìgbà o, ilé àtijọ́." Lórí èyí tó tẹ̀lé e, níbi tí Samson, bàbá Ruth, ti ń mú un lọ síwájú pẹpẹ, ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Ẹni tó tọ́ mi dàgbà."

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn náà ní Erio. Ìyá Ruth kú nígbà tí Ruth ò tíì hu eyín, Samson sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Màmá Elizabeth ló fi oko kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tọ́ ọmọ náà títí ó fi jáde yunifásítì. Nígbà tí Samson yọjú bí ìgbéyàwó ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, màmá yìí kan náà ló ní kí wọ́n jẹ́ kí ó mú ọmọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ti fún Samson ní ìyẹn. Jemimah wá kó èyí tó kù fún un, ó sì fi ẹnu Ruth sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà lára fọ́tò kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè tún kọ lẹ́yìn tó bá ti jáde. Èyí tó wà nísàlẹ̀ fọ́tò nìkan ló ṣeé tún ṣe. Jemimah pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa pa á rẹ́ lójú àwọn tó ti rí i? Ó wá ọ̀kadà, ó ní Erio ni òun ń lọ.

Samson ló kọ́kọ́ rí nígbà tó dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú Màmá Elizabeth. Jemimah rò pé ó wá fi ọ̀rọ̀ náà yangàn ni, tàbí kó wá gbèjà ara rẹ̀. Màmá jókòó sórí àga, kò wo ẹnì kankan nínú wọn.

Jemimah kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ruth ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, ó wá bọ́ sórí fọ́tò ẹlòmíràn. Tiyín ló bọ́ sórí ti bàbá Ruth."

"Ùwọ ló kọ ọ́," ni màmá wí. "Ulé àtijọ́ ni mo dà. Gbogbo ìlú ti kà á."

Kò sí ohun tí ń dun ènìyàn tó kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ tó fi ẹnu ẹlòmíràn sọ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Samson gbé orí sókè. "Màámi, mo rí i láàárọ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi. Mo gbé e sórí WhatsApp mi. Àwọn ènìyàn ń kí mi, wọ́n ní mo kú iṣẹ́ ọmọ, mo sì ń dáhùn. Ìgbà tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ sọ pé kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ ni mo tó yọ ọ́. Èmi kọ́, màámi. Mo wá sọ ọ́ fún yín lójúkojú ni."

Jemimah pe Ruth, ó fi ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ó ṣí fọ́tò méjèèjì náà láì ní ọ̀rọ̀ lára, ó gbé fóònù sún mọ́ màmá.

"Kí ni kí n kọ sórí tiyín, màmá?"

"Èyí tí o kọ tẹ́lẹ̀, kí o tó gbé e fún ẹlòmíràn."

Jemimah kọ ọ́, ó kà á sókè: "Ẹni tó tọ́ mi dàgbà." Ruth ń sunkún nínú fóònù, ó ń dúpẹ́. Ó wá ku ti Samson. Jemimah kò ní ìlà kankan lọ́wọ́, ẹ̀rù sì ń bà á láti dá ọ̀kan rò níwájú wọn. Samson ní kí wọ́n kúkú yọ fọ́tò òun.

"Má yọ ọ́," ni màmá wí. Ó wo fọ́tò náà pẹ́. "Kọ ọ́ pé ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó wá."

Ruth ní láti inú fóònù, "Bẹ́ẹ̀ ni kó o fi sílẹ̀. Èmi náà ni mo sọ ọ́."

Jemimah kọ ọ́, ó na fóònù sí Samson. Ó kà á, ó tún un kà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì yọ fóònù tirẹ̀ jáde.

"Fi ìyẹn ránṣẹ́ sí mi," ni ó wí. "Òun ni mo máa gbé sórí WhatsApp mi báyìí."