Níbo Ni Níran Wà Nínú Ìròyìn Ojú Táwà?

Bíró pupa ni Dókítà Dúpẹ́olúwa fi kọ gbogbo etí ìwé tí Akínlẹ́yẹ kọ kún. Kí Akínlẹ́yẹ tó jókòó ló ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkùnrin yìí kò fẹ́ ire òun. Ta ni í fi bíró pupa ṣe èèyàn lóore?

Dókítà ni Akínlẹ́yẹ Oyèwùnmí náà. Monrovia ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ará Ìjẹ̀bú, ìyá rẹ̀ ọmọ ẹ̀yà Bassa. Ogun ti wọ ọdún kẹfà, àwọn dókítà tó rí ọ̀nà lọ ti lọ, òun ṣì wà nílé ìwòsàn kékeré tí ìjọ kan dá sílẹ̀ lẹ́yìn Carey Street. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Nàìjíríà sọ pé àwọn á gbà á láti kọ́ṣẹ́ síwájú, bí ó bá lè fi iṣẹ́ kan hàn tí ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ti gbà láti tẹ̀. Ìròyìn ojú Táwà, ọmọbìnrin kan tó tọ́jú, ni iṣẹ́ ọ̀hún. Dúpẹ́olúwa, àgbà dókítà tó ń bá àwọn aláàánú kan ṣiṣẹ́ ní Mamba Point, ni yóò gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú ti di ilé adìẹ.

"O fi ìdájọ́ ṣíwájú ẹjọ́," ni Dúpẹ́olúwa wí. "Ìlà kejì ni o ti ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò dé egungun ihò ojú mọ́, ni egungun fi kú. Báwo ni ẹni tó ń kà á ṣe máa bá ọ rìn débẹ̀? Kọ ohun tí wọ́n sọ fún ọ nípa àìsàn náà, kí o kọ ohun tí o fojú rí, kí o wá kọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ àti fọ́tò egungun sọ, ìtọ́jú tí o ṣe, àti bó ṣe parí. Èrò tìrẹ, ìsàlẹ̀ ni, níbi ìjíròrò."

"Mo gbọ́, sà."

"Kí tún ni èyí? 'Kò dájú bóyá wọ́n lu aláìsàn náà.' Kò dájú fún ta ni?"

Akínlẹ́yẹ wo fèrèsé.

"Akínlẹ́yẹ, gbogbo wa la gbọ́ pé o ní kí wọ́n mú ẹ̀gbọ́n ọmọ náà. Ibẹ̀ gan-an ni iyọ̀ ìròyìn yìí wà! Ẹlòmíràn á rí ojú méjì tó wú bẹ́ẹ̀ nígbà ogun, á ní ìdí ìbọn ni wọ́n fi gbá a. Ẹlòmíràn á ní kòkòrò ló kó sẹ́yìn ojú, á yọ abẹ sí i lásán. Kọ ohun tí o kọ́kọ́ rò. Kọ ohun tó yí ọ lọ́kàn padà. Kí o sì jẹ́ kí alágbàtọ́ ọmọ náà bu ọwọ́ lùwé pé ó gbà. Fọ́tò ojú èèyàn wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ọwọ́ ìyẹn, n kò gbé e."

Akínlẹ́yẹ kó ìwé rẹ̀ jáde. Ó ti yé e. Ọkùnrin yìí fẹ́ kí òun tú ara òun síhòòhò fún àwọn olóòtú, kí wọ́n rí òun bí ọ̀dẹ̀, kí Dúpẹ́olúwa fúnra rẹ̀ wá jókòó ní Èkó kọ tirẹ̀, kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣíwájú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ta kókó. Níran ló gbé Táwà, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, pọ̀n wọ ilé ìwòsàn. Ìpéǹpéjú ọmọ náà wú bí búrẹ́dì, ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì yọ síta. Akínlẹ́yẹ kò béèrè àìsàn. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Kí lo fi lù ú?" Ó ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, wọ́n sì wọ́ Níran lọ sínú kọ̀ǹténà níbi ìdènà ọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n mú un lọ tán ni Akínlẹ́yẹ tó wo ọmọ náà dáadáa. Ara rẹ̀ kò bó, kò sí ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò sì dì sí funfun ojú rẹ̀. Fọ́tò egungun fi hàn pé àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ imú mọ́, èyí tí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ bí kòkòrò bá kó sẹ́yìn ojú. Nígbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó kún fún hóró ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé, tó ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà sí egungun. Fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ apá àti ẹsẹ̀, ló gba ojú yọ. Omi, oògùn ìrora, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára, àti oògùn apakòkòrò fún ìṣọ́ra, ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Kò sí abẹ kankan, ojú sì padà sípò. Wọ́n tú Níran sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó mà ṣe o.

Níran yìí kan náà ni alágbàtọ́ Táwà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Akínlẹ́yẹ gbọ́dọ̀ lọ báyìí.

Ní Barnersville, Níran ń fi ẹ̀rọ amúnáwá gba agbára sí bátìrì fún àwọn ará àdúgbò, nítorí pé iná ìjọba kò sí. Ó ń da omi bátìrì lọ́wọ́ nígbà tí dókítà dé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá Níran."

Níran kò gbójú sókè. "Dókítà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yín ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn ni wọ́n wà?"

"Èmi nìkan ni mo wá."

"Lọ́jọ́ yẹn náà, ẹ̀yin nìkan ni mo kọ́kọ́ rí."

Táwà rẹ́rìn-ín láti inú ilé. Akínlẹ́yẹ ṣàlàyé ohun tó gbé e wá. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ojú Níran ń le sí i.

"Ẹ fẹ́ kí n bu ọwọ́ lùwé. Ní Monrovia yìí. Ẹni tó bọwọ́ lùwé tó tún sùn sílé rẹ̀, ẹ fi í hàn mí."

"Orúkọ yín kò ní jáde, ti Táwà náà kò ní jáde. 'Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá' ni wọ́n máa kà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ tí ẹ bá bù lù ú, ilé ìwòsàn ló máa wà."

"Ilé ìwòsàn tó ní kí wọ́n mú mi?"

Táwà ti jáde, ó ti mú fọ́tò láti àárín ìwé. Ilé ìwòsàn máa ń fi dúdú bo ojú aláìsàn kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, Akínlẹ́yẹ sì ti fa tàdáwà dúdú gbọọrọ kọjá ojú rẹ̀ bí ìṣe wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó! Ojú mi ló ń ṣàìsàn, ojú mi náà ni dókítà kùn pa. Kí ni wọ́n fẹ́ wò, etí?"

Níran gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Akínlẹ́yẹ ní òun máa tún un tẹ̀, òun á gé e láti iwájú orí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú nìkan ni yóò kù.

"Ẹ gé irun mi kúrò pátápátá," ni Táwà wí. "Wọn ò dì í lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ bá ti gé e, mo gbà ní tèmi."

"Èmi ò tíì gbà," ni Níran sọ. "Ẹ kà á sí mi létí ní Yorùbá. Gbogbo ẹ̀ pátá."

Akínlẹ́yẹ kà á. Nígbà tó dé ìdajì, Níran gbé ike omi sílẹ̀.

"Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà."

"Kò dájú bóyá wọ́n lu aláìsàn náà."

"Níbo ni mo wà níbẹ̀?"

"Ẹ ò..."

"Mo sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà! Mo ní apá àti ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ro ó, ó wá mú iwájú orí, lẹ́yìn náà ni ojú wú. Mo ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo tún sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń wọ́ mi nílẹ̀, bàtà mi ń bọ́. Bí mo bá wá bu ọwọ́ lu èyí, èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé pé ó ṣeé ṣe kí n ti lù ú. Àbí irọ́ ni mo pa?"

Kì í ṣe irọ́. Ara rẹ̀ ni Akínlẹ́yẹ fi gbólóhùn yẹn bò: bí ọ̀rọ̀ kò bá dájú, òun kò ṣìnà. Abẹ́ gbólóhùn yẹn kan náà sì ni bíró pupa ti fa ìlà méjì. Ó tilẹ̀ rò ó wò pé bóyá Dúpẹ́olúwa àti Níran ti jọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n á ti pàdé?

Ó rántí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí fún un sí Nàìjíríà. Ó fa bíró yọ, ó tẹ́ ìwé sórí báńṣì bátìrì, ó kọ ọ́:

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbé e wá sọ lójú ẹsẹ̀ pé ìrora apá àti ẹsẹ̀ ló ṣáájú, pé orí fífọ́ tẹ̀ lé e kí ojú tó wú, àti pé kò sẹ́ni tó lù ú. Dókítà tó gbà á wọlé kò gbà á gbọ́. Ó rò pé wọ́n lù ú ni. Kò sí ojú ọgbẹ́ lára aláìsàn."

Ó kà á fún un. Níran ní kí ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ìwé, ó sì fà á padà.

"Rárá. Ẹ lè yí i padà lọ́nà. Ibi tí wọ́n bá ti máa lẹ àpòòwé rẹ̀ pa, ibẹ̀ ni mo máa bọwọ́ lù ú."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe jọ gun òkè Mamba Point lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ìwé títẹ̀ tuntun lọ́wọ́ dókítà, Táwà lẹ́yìn wọn láti ka èdè òyìnbó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á fún un ní ọ̀nà tó wù ú.

Dúpẹ́olúwa kà á láti òkè délẹ̀. Ó yọ bíró pupa.

"Ohun kan ló kù. Níbi ìjíròrò, sọ pé ìlú yìí kò ní ẹ̀rọ tó ń ya inú orí, pé ohun tí o rí lára rẹ̀ àti bó ṣe sàn láìsí abẹ lo gbẹ́kẹ̀ lé. Kí o sọ ọ́ fúnra rẹ kí wọ́n tó bi ọ́."

Akínlẹ́yẹ fi kún un. Kò wá lè mú un mọ́ra mọ́. "Orúkọ ta ni yóò ṣíwájú, sà?"

"Tìrẹ. Ta ló tọ́jú ọmọ náà? Èmi ò fọwọ́ kàn án. Dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nísàlẹ̀ ìwé, ó tó."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Akínlẹ́yẹ wí. Síbẹ̀, ó ń fi ojú wá àyè níbi tí àpòòwé ti máa ṣí, tí òun lè kọ orúkọ òun kọjá bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ tán, kí òun lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá já a.

Níran rí i. "Ẹ̀yin náà kò gba èèyàn gbọ́, àbí? Ẹ wá mọ bó ṣe rí."

Táwà ka ìlà tiwọn jáde ní èdè òyìnbó, ó sì tú u. Kò sí ohun tó yí padà. Níran bu ọwọ́ lùwé ìyọ̀ǹda, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò kánjú. Wọ́n lẹ àpòòwé, Akínlẹ́yẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n lẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí Níran. "Bọ̀dá Níran, ẹ má bínú."

Níran wo ọwọ́ náà. "Ìwé ni mo bọwọ́ lù, dókítà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e wá sí Barnersville. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ pé wọ́n wọ́ mi lọ, ojú gbogbo wọn ni ẹ máa dúró sí, ẹ ó kà á sókè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún na ọwọ́ yín wò."

Ó fa Táwà lọ́wọ́, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.