Búrẹ́dì Ìyá Lará

Oṣù keje rèé tí Adétutù ti wà ní Kánádà lọ́dọ̀ Lará, ọmọ wọn tó bímọ, àárò rẹ̀ sì ń sọ Ajíbádé ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Búrẹ́dì tí ìyàwó rẹ̀ máa ń yan ló wù ú jẹ. Òun náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ò wú, ńṣe ló ń rún wómúwómú. Ó pè é lórí fóònù.

"Ìgbà wo lẹ da bọ́tà sí i?"

"Òun ni mo kọ́kọ́ pò mọ́ ìyẹ̀fun."

Adétutù rẹ́rìn-ín. "Bàbá Lará, ọ̀rá ti bo ìyẹ̀fun, omi ò ráyè wọlé. Ẹ jẹ́ kí purotéènì rẹ̀ kọ́kọ́ mu omi, kẹ́ ẹ pò ó títí tí á fi máa fà bíi rọ́bà, kó lè gba afẹ́fẹ́ dúró. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bọ́tà."

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì wú, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ó fi han ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó sì mú ọ̀bẹ.

"Ẹ má tíì gé e o! Sítáàṣì inú rẹ̀ ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Tó bá tutù ló máa dì."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"Bíi wákàtí méjì."

"Má pa fóònù, jẹ́ ká jọ dúró dè é."

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ọmọ fi ké lọ́hùn-ún, tí Adétutù sì dágbére. Nígbà tí Ajíbádé gé búrẹ́dì náà, ó dára. Ó gbé ègé etí rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn, sínú àwo kejì, ó sì jókòó, ó ń wò ó.